Kí ẹ tó ra ìgò fítámìn míì, ẹ kọ́kọ́ yẹ abọ́ yín wò

Àǹtí olùkọ́ kan wà tó máa ń wá sí fámásì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, ọmọ ọdún 34 ni, tó bá ti di ìparí oṣù báyìí á ti dé. Nǹkan méjì náà ló máa ń rà, ìgò mọ́tífítámìn kan tó wá láti òkè òkun, ₦9,000, àti fítámìn C oníhóró ńlá tí wọ́n ń jù sómi tó máa ń hó, ₦3,500. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi rà á. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wo èyí tó le ju eléyìí lọ, ó ṣì ń rẹ̀ mí, tí mo bá gun àtẹ̀gùn sùkúù wa dókè àyà mi á máa lù kìkìkì." Mo gbé ìgò yẹn padà sórí pẹpẹ, mo ní kó jókòó, mo wá bi í pé kí ló jẹ lánàá. Ó yà á lẹ́nu, ó ní oògùn lòun wá rà, oúnjẹ wo ni mo tún ń bèèrè.

Bí àwa méjèèjì ṣe tò ó lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kọ síbí. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí àwọn tó ń fi owó oúnjẹ ra fítámìn tó ti wà nínú oúnjẹ ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Mo tún ń rí àwọn míì tó jẹ́ pé fítámìn kan pàtó jẹ́ dandan fún wọn tí wọn ò sì mọ̀, àwọn yẹn ló ń dùn mí jù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ oúnjẹ ọjọ́ méje sílẹ̀

Ẹ mú bébà tàbí fóònù yín, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, èyí tí ẹ jẹ lóòótọ́ o, kì í ṣe èyí tó yẹ kí ẹ jẹ. Ẹ kọ iye ẹran, iye ẹja, iye èso, kí ẹ sì kọ tíì náà mọ́ ọn pẹ̀lú àsìkò tí ẹ mu ún, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ níwájú.

Ti àǹtí wa rèé. Àárọ̀, búrẹ́dì àti tíì, ọjọ́ márùn-ún nínú méje, àfi Sátidé tó máa ń jẹ ògì àti àkàrà. Ọ̀sán ní sùkúù, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata, tàbí àmàlà pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì, pọ̀nmọ́ méjì lórí ẹ̀. Alẹ́, ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò, epo pupa inú ẹ̀ ò ní àbùlà. Ẹyin ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹja Títù ẹ̀ẹ̀kan, ẹran lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Èso? Ó ronú títí, ó ní ọsàn kan lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn náà ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bi oúnjẹ yẹn ní ìbéèrè

Fítámìn tó wà lára páálí lè tó mẹ́tàlá, àmọ́ ẹ ò nílò kí ẹ máa lé gbogbo wọn. Níbi tiwa, tí ẹ bá ti yẹ mẹ́rin wò, ẹ ti rí ojú ọ̀rọ̀.

Fítámìn A àkọ́kọ́. Àwọ̀ pupa tó wà nínú epo pupa, ìyẹn gan-an ni ara máa ń sọ di fítámìn A. Ṣíbí ìjẹun kan tàbí méjì nínú oúnjẹ òòjọ́ ti lè tó àgbàlagbà, ká má tíì wá sọ ewédú, ẹ̀fọ́ àti kárọ́ọ̀tì tí àwọn náà ní nǹkan kan náà nínú. Òfin Nàìjíríà tún ti sọ ọ́ di dandan láti nǹkan bí ọdún 2002 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ máa fi fítámìn A sínú ìyẹ̀fun wíìtì, ṣúgà àti òróró. Tí ẹ bá ń jẹ epo pupa déédéé, owó tí ẹ fi ra fítámìn A ti ṣòfò. Ohun kan ló wà níbẹ̀, epo tí wọ́n yọ́ títí tó fi funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ayamáṣe, àwọ̀ tó lọ yẹn ti bá fítámìn A lọ. Ọbẹ̀ náà dùn, mi ò ní kí ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sáà ka epo yẹn mọ́ fítámìn.

B12 ìkejì, òun ló ń bá ara ṣe ẹ̀jẹ̀ tó sì ń tọ́jú iṣan. Inú nǹkan ẹlẹ́mìí nìkan ló wà, ẹja, ẹran, ẹyin, wàrà. Ohun tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ ò ju 2.4 mcg lọ, ègé ẹja Títù kan tó mọ níwọ̀n ti kọjá ẹ̀ dáadáa, ẹ̀dọ̀ inú wa sì máa ń tọ́jú ẹ̀ pamọ́ fún ọdún púpọ̀. Nítorí náà Títù ẹ̀ẹ̀kan àti ẹyin méjì àti ẹran Sọ́ńdè, kò burú. Pọ̀nmọ́ ni mo ní kó yọ kúrò nínú kíkà. Awọ ni pọ̀nmọ́, ó ń dùn lẹ́nu, ó ń kún inú, kò ní B12 tàbí èròjà irin tó tó nǹkan, àwọn èèyàn sì máa ń kà á mọ́ ẹran.

Ẹ̀kẹta, fólíkì. Ẹ̀wà ló ni ín, gbẹ̀gìrì, mọ́ín-mọ́ín, àkàrà, gbogbo wọn, àti ẹ̀fọ́. Ti àǹtí dáa díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni fítámìn C, ibẹ̀ ni oúnjẹ ẹ̀ ti jó. Ó ń náwó lórí C tẹ́lẹ̀ ná, kò ṣìnà pátápátá, àmọ́ ẹ wò ó: hóró kan nínú èyí tó ń hó yẹn jẹ́ 1000 mg, ohun tí obìnrin bíi tiẹ̀ nílò lóòjọ́ jẹ́ 75 mg. Ọsàn kan tó mọ níwọ̀n ń fún èèyàn ní nǹkan bí 70 mg. Gúáfà kan ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìbẹ́pẹ ègé ńlá kan náà tó. Tí èèyàn bá gbé 1000 mg mì lẹ́ẹ̀kan, ara ò gbà ju nǹkan bí ìdajì ẹ̀ lọ, ìyókù bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ lọ, tó bá wá kọjá 2000 mg lóòjọ́ inú lè máa ṣí, àwọn tí òkúta máa ń mú ní kíndìnrín sì tún ní láti ṣọ́ra sí i.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti ìtọ̀ tó máa ń pọ́n bí ọsàn tí èèyàn bá lo Bí-kó. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ fún mi pé àmì pé oògùn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. B2 ló ní àwọ̀ yẹn, ara ti gba ìwọ̀nba tó fẹ́, ó ń da ìyókù sọnù, owó yín lẹ ń wò nínú sàlángá yẹn.

Kí ẹ tó sọ pé oúnjẹ ò tó, ẹ wo ọwọ́ tó sè é

Mo bi àǹtí bó ṣe ń se ẹ̀fọ́. Ó ní òun á gé e wẹ́wẹ́, òun á fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́, òun á wá fún omi ẹ̀ dànù dáadáa kí ọbẹ̀ má baà ṣomi, òun á tún fi omi tútù ṣàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni màmá mi kọ́ mi. Fítámìn C àti fólíkì máa ń yọ́ sómi, iná sì máa ń pa wọ́n, tí a bá wá gé ewé wẹ́wẹ́ kí a tó fọ̀ ọ́, tí a bọ̀ ọ́ tí a fún un, inú gọ́tà ni ọ̀pọ̀ nínú méjèèjì gbà lọ. Fítámìn A ò lọ tó bẹ́ẹ̀ torí òróró ló ń bá rìn.

Ẹ fọ ewé náà lódidi kí ẹ tó gé e, kí ata àti epo jiná tán kí ẹ tó da ẹ̀fọ́ sí i, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣọkọ àti ùgwú ò nílò fífún rárá. Tí ẹ bá fẹ́ bọ tẹ̀tẹ̀ nítorí ìdọ̀tí tàbí ìkorò, ẹ fi omi díẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ẹ lo omi náà nínú ọbẹ̀ tó bá mọ́. Èyí nìkan kì í náni ní kọ́bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ṣé ẹ wà lára àwọn tí oúnjẹ nìkan ò tó fún?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí tí ẹ bá wà níbí, ọ̀rọ̀ pé oúnjẹ ti tó kì í ṣe tiyín.

Obìnrin tó ń retí oyún tàbí tó lè lóyún. Fólíkì 400 mcg lójúmọ́, kó bẹ̀rẹ̀ kí oyún tó dúró, títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá. Ìdí ni pé ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń jáde máa ń pa dé láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ìyá ò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún nígbà yẹn, tí kò bá pa dé dáadáa ọmọ á wáyé pẹ̀lú ihò lẹ́yìn. Ẹ̀wà dáa, àmọ́ iná ń pa fólíkì inú ẹ̀, a ò sì mọ iye tó kù. Tí ẹ bá ti wá ń lọ sí kílíníkì aláboyún, ẹ lo èyí tí wọ́n fún yín níbẹ̀, fólíkì àti èròjà irin pọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fúnni. Nǹkan kan tí wọn kì í sọ tó: fólíkì 5 mg tó pọ̀ lọ́jà wa lè mú kí oògùn ibà SP tí wọ́n ń fún aláboyún ní kílíníkì má ṣiṣẹ́ dáadáa. 400 mcg ni ẹ bèèrè, èyí jẹ́ 0.4 mg, kì í ṣe 5, àfi tí dókítà bá ní ìdí tó fi kọ 5 fún yín.

Ẹni tó ní síkúlà náà sábà máa ń lo fólíkì lójoojúmọ́ bí dókítà bá ṣe kọ ọ́, torí ara ẹ̀ ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun lemọ́lemọ́. Ṣùgbọ́n kó má ra oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní èròjà irin láìṣe àyẹ̀wò, pàápàá tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára rí, irin lè ti pọ̀ jù lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, fítámìn A onírọ́bà kékeré yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ọ̀fẹ́ ni ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Ẹ gbé ọmọ lọ, ẹ má rà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ẹni tó ń lo mẹtifọ́míìnì fún ìtọ̀ ṣúgà fún ọdún púpọ̀, àti ẹni tí kò jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà rárá, àti àwọn àgbàlagbà wa tí ikùn wọn ò gba B12 jáde nínú oúnjẹ dáadáa mọ́. Kí wọ́n ní kí dókítà yẹ B12 wọn wò, pàápàá tí ẹsẹ̀ bá ń ta wọ́n ṣóńṣó tàbí tó ń kú tìpẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Mànṣẹ́sítà àti ibi gbogbo tí òtútù wà, ọ̀rọ̀ fítámìn D kàn yín gan-an. Oòrùn ló ń jẹ́ kí awọ ara ṣe é, oòrùn ibẹ̀ láti Oṣù Kẹwàá dé Oṣù Kẹta ò lágbára tó, awọ dúdú wa sì nílò oòrùn tó pọ̀ ju ti òyìnbó lọ kó tó ṣe iye kan náà. Ẹja ọlọ́ràá àti ẹyin ní díẹ̀, wọn ò lè kún un. NHS sọ pé 10 mcg lójúmọ́, ìyẹn ni wọ́n máa ń kọ ní 400 IU, wọ́n sì ní kí àwọn tí awọ wọn dúdú rò ó láti máa lò ó yípo ọdún. Kò wọ́n. Mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa ra èyí tó kọjá 4000 IU lóòjọ́ láìjẹ́ pé dókítà ló sọ ọ́, torí àpọ̀jù D máa ń sọ káṣíọ́ọ̀mù di púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. N'Íbàdàn níbí tí èèyàn ń rìn nínú oòrùn, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni, àyàfi ẹni tó ń bo ara pátápátá tàbí tí kì í jáde nílé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tó bá jẹ́ pé ó ń rẹ̀ yín, àyẹ̀wò ló kọ́kọ́ yá

Àǹtí wa ò sí nínú àwọn wọ̀nyẹn, oúnjẹ ẹ̀ ní A, ó ní B12, C ló kù díẹ̀. Kí ló wá ń rẹ̀ ẹ́? Mo bi í nípa nǹkan oṣù ẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ọjọ́ mẹ́jọ ni, ó máa ń ya, ó sì máa ń jáde ní dídì. Mo ní kó lọ ṣe PCV ní láàbù, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, owó ẹ̀ ò tó ìdajì ìgò kan. 29 ló jáde. Obìnrin tí kò lóyún, láti 36 lọ sókè la máa ń fẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀ nítorí irin tó ń bá nǹkan oṣù jáde. Mọ́tífítámìn tó ń rà yẹn, mo ka ẹ̀yìn ìgò fún un, irin inú ẹ̀ jẹ́ 5 mg péré, àwọn ìyókù jẹ́ fítámìn tó ti ń jẹ lábọ́ ẹ̀. Dókítà kọ fẹ́sólétì fún un, hóró kan 200 mg tó ní nǹkan bí 65 mg irin gidi nínú, owó tí kò tó nǹkan lórí ìgò ₦9,000, wọ́n sì ní kó lọ ya fọ́tò ikùn, fáíbírọ́ọ̀dù ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé ká ní ó ń ra ìgò tó tún wọ́n ju ìyẹn lọ ni, á kàn máa pẹ́ sí i kí wọ́n tó rí i.

Kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ló jẹ́ irin o. Ibà, aràn, síkúlà, tàirọ́ìdì, àìsùn dáadáa, gbogbo wọn ń mú kó máa rẹ èèyàn, ìdí tí mo fi ń sọ pé àyẹ̀wò nìyẹn, tí irin ò bá dín, fẹ́sólétì ò ní ṣe nǹkan kan ju pé ó máa dí yín nínú. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn "fítámìn tó ń jẹ́ kí èèyàn jẹun kó sanra". Oògùn kan tó ń jẹ́ sípíróhẹptadíìnì ló sábà máa ń wà nínú wọn, oògùn ara yínyún ni láti ìbẹ̀rẹ̀, oorun tó ń kùn yín látìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ibẹ̀ ló ti wá.

Tíì wá kan ọ̀rọ̀ wàyí. Ohun tó wà nínú tíì máa ń di irin inú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti búrẹ́dì mú, ó lè gé iye tí ara máa gbà sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọsàn ń ṣe òdì kejì ẹ̀, fítámìn C máa ń ṣílẹ̀kùn fún irin yẹn. Nítorí náà kí tíì jìnnà sí oúnjẹ àti sí fẹ́sólétì ní wákàtí kan ó kéré tán, kí ọsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tí ẹ bá ń lo fẹ́sólétì, ìgbẹ́ á dúdú, kò léwu. Tó bá ń dí yín jù, ẹ padà lọ sọ fún dókítà, ọ̀pọ̀ ló lè máa lò ó ní ọjọ́ kan gba ọjọ́ kan. Kí ẹ sì gbé e jìnnà sọ́mọdé, hóró fẹ́sólétì ìwọ̀nba lè pa ọmọ kékeré, àwọ̀ tó dà bíi súìtì ló máa ń tàn wọ́n.

Tó bá wá di pé ẹ máa rà á

Ẹ yí páálí sẹ́yìn. Nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lẹ ó kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìlà fítámìn tí ẹ torí ẹ̀ wá nìkan, ẹ wo iye tó wà nínú ẹ̀ lọ́tọ̀ sí ohun tí ẹ nílò. Èyí tó bá sún mọ́ 100 nínú 100 ti òòjọ́ ti tó, èyí tó bá kọ 1000 tàbí 2000 nínú 100 kò fi ọdún kan kún ẹ̀mí èèyàn. Tí ẹ bá ń lo ju ìgò kan lọ, ẹ ro gbogbo wọn pọ̀, torí A àti D máa ń kóra jọ sínú ara, wọn kì í bá ìtọ̀ lọ bíi C. Aláboyún ní pàtàkì, kí A tó wà nínú oògùn, èyí tí wọ́n kọ ní retinol, má kọjá 3000 mcg, ìyẹn 10,000 IU, ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá, òróró ẹ̀dọ̀ ẹja sì ní in nínú, ẹ má fi ìyẹn kún un. Ti epo pupa kò ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba tí ara fẹ́ ló ń yí padà.

Ẹni tó ń mu sìgá, ẹ má ra béta-karotíìnì oníhóró, irú àwọ̀ inú epo pupa àti kárọ́ọ̀tì yẹn tí wọ́n sọ di oògùn. Ní Fínlándì, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá ní 20 mg lójúmọ́, èsì jáde lọ́dún 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i láàárín wọn pẹ̀lú 18 nínú 100 ju àwọn tí kò lò ó lọ. Inú kárọ́ọ̀tì kò ṣe irú ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àǹtí wa padà wá, PCV ti di 37. Dókítà ní kó fi oṣù mẹ́ta míì kún un kí irin tó wà ní ìpamọ́ lè kún padà, wọ́n sì ń tọ́jú fáíbírọ́ọ̀dù náà lọ́tọ̀. Tíì ẹ̀ ti kúrò láàárọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ń mu ún báyìí lẹ́yìn tí sùkúù bá ti parí. ₦12,500 oṣù yẹn ti di Títù ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ dípò ẹ̀ẹ̀kan, àti ọsàn tó ń bó jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmàlà ẹ̀.